Ìṣàn Tó Ń Dènà Àyípadà: Bí A Ṣe Ń Mọ Ibi Tí Iná Tí Òòfà Bí Ń Ṣàn Sí

Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹjọ ọdún 1831, nínú yàrá ìwádìí rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, Michael Faraday mú òrùka irin kan tó nípọn, tí fífẹ̀ rẹ̀ láti etí kan dé èkejì tó nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 15. Ó we wáyà bàbà mọ́ apá òsì òrùka náà, ó tún we òmíràn mọ́ apá ọ̀tún. Kọ́ìlì méjèèjì kò kan ara wọn níbì kankan. Ó so kọ́ìlì kìíní mọ́ bátìrì. Kọ́ìlì kejì kò ní bátìrì rárá; Faraday kàn fa wáyà rẹ̀ gba orí abẹ́rẹ́ òòfà kan kọjá, irú abẹ́rẹ́ tó máa ń yí bí iná bá ń ṣàn nítòsí rẹ̀.

Láti ọdún 1820 tí Ørsted, ará Dẹ́ńmáàkì, ti fi hàn pé wáyà tí iná ń ṣàn nínú rẹ̀ ń yí abẹ́rẹ́ òòfà, ni àwọn onímọ̀ ti ń wá ọ̀nà láti yí ọ̀rọ̀ náà padà: bí iná bá lè di òòfà, ó yẹ kí òòfà náà lè bí iná. Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ń retí ni pé bí òòfà bá ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wáyà, iná yóò máa ṣàn nínú wáyà náà láìdúró. Ohun tí Faraday rí kò jọ bẹ́ẹ̀. Bó ṣe so bátìrì, abẹ́rẹ́ náà ta lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó mì díẹ̀, ó sì padà sí ààyè rẹ̀. Bátìrì ń ṣiṣẹ́ lọ, iná ń ṣàn nínú kọ́ìlì kìíní, òrùka irin sì ti di òòfà, síbẹ̀ abẹ́rẹ́ kò mira mọ́. Nígbà tó wá já bátìrì kúrò, abẹ́rẹ́ tún ta, àmọ́ òdìkejì ibi tó kọ́kọ́ yí sí ló yí sí.

Ìdí tí àwọn mìíràn kò fi rí i kí Faraday tó rí i nìyẹn. Wọ́n ń wá ohun tó dúró, nígbà tó jẹ́ pé ohun tó ń bọ̀ tó sì ń lọ ni. Colladon, ará Jẹ̀nífà, ti gbìyànjú rẹ̀ ní ọdún 1825. Ó bẹ̀rù pé òòfà ńlá tó ń lò lè da mítà òun láàmú, ó wá fa wáyà gígùn lọ gbé mítà náà sí yàrá mìíràn. Yóò gbé òòfà sún mọ́ kọ́ìlì, yóò sì rìn lọ wo mítà. Kó tó débẹ̀, abẹ́rẹ́ ti padà sí òdo. Iná náà ti wá, ó ti lọ, kò sì sí ẹni tó wà níbẹ̀ láti rí i.

Ní ọjọ́ 17 oṣù kẹwàá ọdún 1831 kan náà, Faraday ṣe èyí tó rọrùn jù lọ, tí àwọn ọmọ iléèwé ṣì ń ṣe títí dòní. Ó we wáyà ní kọ́ìlì tó ní ihò láàárín, ó so ó mọ́ mítà, ó sì ti òòfà gbọọrọ bọ inú ihò náà. Bí òòfà ṣe ń wọlé, abẹ́rẹ́ yí sí apá kan. Bó ṣe dúró sínú, abẹ́rẹ́ padà sí òdo. Bó ṣe ń fà á jáde, abẹ́rẹ́ yí sí apá kejì. Ìbéèrè tí mo fẹ́ ká jọ dáhùn wà nínú yíyí sọ́tùn-ún àti sósì yìí: kí ló ń sọ fún iná náà pé ibí ni kó ṣàn sí, pé kó má ṣàn sí ọ̀hún?

Kí a tó débẹ̀, ẹ jẹ́ ká mọ ohun tó ń yí padà gan-an. Faraday fúnra rẹ̀ máa ń rí i lọ́kàn pé àwọn ìlà kan ń jáde láti orí àríwá òòfà, wọ́n ń yí ká nínú afẹ́fẹ́, wọ́n sì ń wọlé padà ní orí gúúsù. Ẹni tó bá ti da ẹ̀rún irin sórí pépà tí òòfà wà lábẹ́ rẹ̀ ti rí bí àwọn ìlà náà ṣe tò. Níbi tí wọ́n bá ti há mọ́ra, agbára òòfà le níbẹ̀. Níbi tí wọ́n bá ti jìnnà síra, kò le. Gbé kọ́ìlì sí iwájú òòfà, àwọn kan nínú ìlà wọ̀nyí yóò gba inú rẹ̀ kọjá. Iye ìlà tó gba inú kọ́ìlì kọjá ni gbogbo ọ̀rọ̀ dá lé. Bí iye náà bá dúró lójú kan, bó ti wù kó pọ̀ tó, kò sí iná. Bó bá ń pọ̀ sí i tàbí tó ń dín kù, iná yóò wà nígbà tí àyípadà náà bá ń lọ lọ́wọ́, bí àyípadà náà bá sì ṣe yára tó ni agbára iná náà yóò ṣe pọ̀ tó.

Faraday mọ̀ pé ìṣàn náà ní ìhà tó ń kọjú sí, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ fún oríṣiríṣi ọ̀nà tó gbà dán an wò. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ní àlàyé tirẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ lò ó ní láti há gbogbo rẹ̀ sórí. Heinrich Lenz ló kó gbogbo rẹ̀ sínú gbólóhùn kan. Ìlú Dorpat ni wọ́n bí i sí ní ọdún 1804, ìlú tí wọ́n ń pè ní Tátù ní Ẹstóníà lónìí, ó sì ń ṣiṣẹ́ ní Sẹ́ńtì Pításíbọ̀gì ní Rọ́ṣíà nígbà tó gbé òfin rẹ̀ kalẹ̀ níwájú àwọn onímọ̀ ìlú náà ní ìparí ọdún 1833. Ohun tó sọ ni pé bí a bá mú wáyà tàbí òòfà rìn, iná tí ìrìn náà bá bí yóò máa ṣàn sí ibi tí agbára rẹ̀ yóò fi dènà ìrìn náà gan-an. Lónìí a máa ń sọ ọ́ lọ́nà tó gbòòrò ju bẹ́ẹ̀ lọ: ìṣàn tuntun náà yóò di òòfà fúnra rẹ̀, òòfà rẹ̀ yóò sì máa tako àyípadà tó bí i.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ dúró lórí ọ̀rọ̀ náà: àyípadà ló ń tako. Kì í ṣe òòfà ló ń tako, kì í sì í ṣe àwọn ìlà tó ti wà nínú kọ́ìlì tẹ́lẹ̀. Ibí yìí ni mo ti rí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ tó mọ òfin náà lórí tí wọ́n sì ń yà ọfà sí ibi tí kò yẹ. Wọ́n gbà pé bí ìlà òòfà bá ń lọ sísàlẹ̀, ti kọ́ìlì gbọ́dọ̀ máa lọ sókè ní gbogbo ìgbà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ìlà tó ń lọ sísàlẹ̀ bá ń pọ̀ sí i, kọ́ìlì yóò rán tirẹ̀ sókè láti dín in kù. Bí ìlà tó ń lọ sísàlẹ̀ bá ń dín kù, kọ́ìlì yóò rán tirẹ̀ sísàlẹ̀, kó lè fi dí ohun tó ń lọ. Kọ́ìlì dà bí onílé kan tó na ọwọ́ sí àlejò lẹ́nu ọ̀nà pé kó má wọlé, àmọ́ tí àlejò náà bá ti wọlé tó sì fẹ́ máa lọ, onílé kan náà di aṣọ rẹ̀ mú pé kó má lọ.

Ẹ jẹ́ ká fi ọwọ́ ara wa ṣe é. Ẹ gbé kọ́ìlì kan lélẹ̀ lórí tábìlì kí ihò rẹ̀ kọjú sókè, kó jẹ́ pé tí ẹ bá tẹrí wò ó láti òkè, òrùka wáyà lẹ máa rí. Ká ní ìgbà 200 ni wọ́n yí wáyà rẹ̀ ká. Ẹ di òòfà gbọọrọ mú lókè rẹ̀, kí orí àríwá òòfà kọjú sísàlẹ̀, kí ẹ sì máa gbé e bọ̀ wá sí ihò kọ́ìlì.

A óò kọ́kọ́ bèèrè ibi tí ìlà òòfà ń lọ nínú kọ́ìlì. Orí àríwá ni ìlà ti ń jáde, orí náà sì kọjú sísàlẹ̀, nítorí náà ìlà ń lọ sísàlẹ̀ nínú kọ́ìlì. Lẹ́yìn èyí, a óò bèèrè bóyá wọ́n ń pọ̀ sí i tàbí wọ́n ń dín kù. Òòfà ń sún mọ́ tòsí, wọ́n ń pọ̀ sí i. Òòfà tí kọ́ìlì yóò fúnra rẹ̀ ṣe gbọ́dọ̀ dènà pípọ̀ yìí, nítorí náà ìlà tirẹ̀ yóò máa lọ sókè. Ó wá ku kí a mọ ìṣàn iná wo ló ń rán ìlà sókè. Ọwọ́ ọ̀tún la ń lò fún èyí. Ẹ na àtàǹpàkò ọ̀tún sókè, ìyẹn ibi tí ìlà kọ́ìlì ń lọ, kí ẹ sì ká ìka mẹ́rin yòókù bí ẹni di igi mú. Ibi tí ìka mẹ́rin náà ká sí ni iná ń ṣàn sí nínú wáyà. Ẹ wo ọwọ́ yín láti òkè: òdìkejì bí ọwọ́ aago ṣe ń rìn ni.

Ọ̀nà kan wà láti yẹ̀ ẹ́ wò láìlo ọwọ́. Kọ́ìlì tí ìlà rẹ̀ ń jáde lókè ti di òòfà tí orí àríwá rẹ̀ wà lókè. Orí àríwá òòfà tí ẹ dì mú ló ń bọ̀ wá bá a. Àríwá àti àríwá kì í fẹ́ ara wọn, nítorí náà kọ́ìlì ń ti òòfà yín padà sókè bí ẹ ṣe ń gbé e bọ̀. Ohun tí Lenz sọ gẹ́lẹ́ nìyẹn. Bí ìdáhùn tí ẹ bá rí bá jẹ́ pé kọ́ìlì ń fa òòfà tó ń bọ̀ mọ́ra, ẹ mọ̀ pé ẹ ti ṣì í.

Bí agbára náà ṣe pọ̀ tó náà kò ṣòro láti ṣírò. Ìwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn ìlà òòfà ni wẹ́bà. Ká ní òòfà kékeré yín mú 0.00006 wẹ́bà gba inú kọ́ìlì kọjá nígbà tó wọlé tán, tó sì jẹ́ pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀ kó tó wọlé. Yíyí 200 ni kọ́ìlì ní, ìkọ̀ọ̀kan wọn ló sì jèrè àyípadà náà, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 0.012. Bí ẹ bá fi ìdá mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá kan gbé e wọlé, 0.012 tí a pín sí 0.1 jẹ́ 0.12 fóòtì. Bí ìdènà kọ́ìlì àti mítà pa pọ̀ bá jẹ́ 60 óòmù, iná tó ń ṣàn yóò jẹ́ 0.002 áḿpù. Ó kéré, àmọ́ mítà tí òdo rẹ̀ wà láàárín yóò fi hàn dáadáa. Bí ẹ bá rọra gbé òòfà náà wọlé fún ìdajì ìṣẹ́jú àáyá, agbára náà yóò di 0.024 fóòtì péré, ìyẹn ìdá márùn-ún ti àkọ́kọ́. Ìhà tó kọjú sí kò yí padà. Bó ṣe pọ̀ tó nìkan ló yí padà.

Ní báyìí, ẹ fa òòfà kan náà jáde lókè. Orí àríwá ṣì kọjú sísàlẹ̀, nítorí náà ìlà ṣì ń lọ sísàlẹ̀. Ohun tó yàtọ̀ ni pé wọ́n ń dín kù. Kọ́ìlì yóò rán ìlà tirẹ̀ sísàlẹ̀ láti ran èyí tó ń lọ lọ́wọ́. Ẹ dorí àtàǹpàkò kodò, ìka mẹ́rin yóò ká bí ọwọ́ aago ṣe ń rìn, bí a bá wò ó láti òkè. Orí gúúsù kọ́ìlì ló wá wà lókè báyìí, ó sì ń fa orí àríwá tó ń sá lọ. Bí ẹ bá yí òòfà náà po tí ẹ sì ń gbé orí gúúsù rẹ̀ wọlé, ìlà yóò máa lọ sókè, yóò sì máa pọ̀ sí i, kọ́ìlì yóò rán tirẹ̀ sísàlẹ̀, iná yóò ṣàn bí ọwọ́ aago. Ẹ lè rí i pé gbígbé orí gúúsù wọlé àti fífa orí àríwá jáde ń bí ìṣàn kan náà. Ẹni tó ń há ìdáhùn sórí kò lè gbà èyí gbọ́, ẹni tó ń bèèrè ìbéèrè lẹ́sẹẹsẹ kò sì ní rí ohun àjèjì kankan nínú rẹ̀.

Ọ̀kan ṣì wà tó máa ń mú àwọn tó ti gbọ́n nínú rẹ̀ pàápàá. Ká ní ẹ jẹ́ kí òòfà náà já bọ́ gba inú kọ́ìlì, tó wọlé lókè tó sì jáde nísàlẹ̀. Òòfà kò yí po, kò sì padà sẹ́yìn, ọ̀nà kan ló ń lọ. Síbẹ̀ abẹ́rẹ́ mítà yóò yí sí apá kan, yóò gba òdo kọjá, yóò sì yí sí apá kejì. Bí òòfà ṣe ń wọlé, ìlà ń pọ̀ sí i. Nígbà tó bá dé àárín kọ́ìlì gan-an, wọ́n ti pọ̀ dé góńgó, fún ìṣẹ́jú kékeré kan wọn kò sì pọ̀ sí i mọ́, wọn kò sì tíì máa dín kù, nítorí náà kò sí iná. Lẹ́yìn náà wọ́n ń dín kù. Bí ẹ bá ní ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán iná sójú gíláàsì, ẹ óò rí i pé òkè kejì ga ju ti àkọ́kọ́ lọ ó sì tín-ín-rín jù ú lọ, nítorí òòfà tó ń já bọ́ ti yára sí i kó tó jáde.

Ohun tó sábà máa ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́ nínú yàrá ìwádìí iléèwé kì í ṣe òfin Lenz. Kọ́ìlì ni. Wọ́n ti fi ike bo kọ́ìlì mọ́lẹ̀, kò sí ẹni tó mọ ìhà tí wọ́n we wáyà rẹ̀ sí, kò sì sí ẹni tó mọ bóyá abẹ́rẹ́ mítà máa ń yí sọ́tùn-ún nígbà tí iná bá wọlé láti ẹnu pupa tàbí láti ẹnu dúdú. Akẹ́kọ̀ọ́ á rí yíyí sósì, á sì sọ pé Lenz parọ́. Ẹ kọ́kọ́ dán mítà àti kọ́ìlì wò pa pọ̀. Ẹ mú bátìrì tọ́ọ̀ṣì kan, ẹ fi ìdènà ńlá sí ojú ọ̀nà rẹ̀ kí mítà má bàa jóná, kí ẹ sì rán iná rẹ̀ gba mítà kọjá láti mọ ibi tí abẹ́rẹ́ ń yí sí. Lẹ́yìn náà, ẹ rán iná bátìrì náà gba kọ́ìlì nìkan kọjá fún ìgbà díẹ̀, kí ẹ sì gbé kọ́ńpáàsì sí orí rẹ̀ tó wà lókè. Bí ẹ̀gbẹ́ abẹ́rẹ́ kọ́ńpáàsì tó ń tọ́ka sí àríwá bá sá fún un, orí àríwá kọ́ìlì ló wà lókè nígbà tí iná bá wọlé láti ẹnu yẹn. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ lórí bébà, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ kọ́ìlì náà. Láti ìgbà náà lọ, abẹ́rẹ́ mítà yóò máa sọ fún yín orí wo ló wà lókè.

Mo ti gbọ́ kí àwọn kan béèrè ìdí tí kò fi lè jẹ́ òdìkejì rẹ̀. Kí ló dé tí ìṣàn náà kò lè máa ran àyípadà lọ́wọ́? Ẹ jẹ́ ká fojú inú wò ó. Ẹ rọra ti òòfà sí kọ́ìlì. Kọ́ìlì wá fà á mọ́ra. Òòfà yára sí i, nítorí náà iná pọ̀ sí i, nítorí náà kọ́ìlì tún fà á ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ọwọ́ kan tí ẹ fi tì í díẹ̀ ti bí iná tó ń pọ̀ lọ láìdúró àti òòfà tó ń sáré lọ láìdúró, láìsí ẹni tó san owó agbára náà. Kò sí ibì kankan láyé tí a ti rí irú rẹ̀. Iná tó ń mú wáyà gbóná gba agbára náà láti ibì kan, ibi tó sì ti gbà á ni iṣẹ́ tí ọwọ́ yín ṣe nígbà tó ń ti òòfà sínú ìdènà kọ́ìlì. Bí kò bá sí ìdènà, kò ní sí iṣẹ́. Bí kò bá sí iṣẹ́, kò ní sí iná.

Ìdí nìyí tí jẹnẹrétọ̀ fi máa ń kérora. Nínú jẹnẹrétọ̀ ilé, ẹ́ńjìnì ń yí òòfà kan láàárín kọ́ìlì tó dúró. Ní ọ̀pọ̀ jẹnẹrétọ̀ kékeré, ó ń yí ní ìgbà 3,000 láàárín ìṣẹ́jú kan, ìyẹn ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá. Bí a bá tan án láìso nǹkan kan mọ́ ọn, fóòtì wà lẹ́nu sọ́kẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n iná kò rí ọ̀nà ṣàn, kọ́ìlì kò di òòfà, kò sì sí ohun tó ń dènà yíyí òòfà náà. Ẹ́ńjìnì ń rìn wẹ́rẹ́. Ẹ wá ki áyọ́ọ̀nù oníwáàtì 1,000 bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì. Iná bíi áḿpù mẹ́rin ààbọ̀ ṣàn, kọ́ìlì di òòfà lójú ẹsẹ̀, ó ń ti orí òòfà tó ń bọ̀, ó sì ń fa orí tó ń lọ. Ní iyàrá yẹn, agbára tí wáàtì 1,000 fi ń di ọ̀pá ẹ́ńjìnì mú tó ti ẹrù kílò mẹ́ta àti díẹ̀ tí a gbé kọ́ sẹ́nu ọwọ́ irin tó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 10. Ẹ́ńjìnì fẹ́ falẹ̀, ohun tó ń ṣọ́ iyàrá rẹ̀ sì ṣí ọ̀nà epo sí i kó lè padà sí ìgbà 3,000. Ohùn tí ẹ gbọ́ nìyẹn. Epo tó lọ sí i náà ló di ooru tó ń lọ aṣọ.

Ìmọ̀ yìí wúlò fún ẹni tó ń tún jẹnẹrétọ̀ ṣe. Bí ọ̀dà tó bo wáyà kọ́ìlì bá ti jóná níbì kan tí yíyí méjì sì kan ara wọn, òrùka tó pé ti wà nínú kọ́ìlì náà fúnra rẹ̀. Iná yóò máa yí ká nínú òrùka náà bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí nǹkan kan lẹ́nu sọ́kẹ́ẹ̀tì, òrùka náà yóò sì máa dènà òòfà. Ẹ óò gbọ́ kí ẹ́ńjìnì kérora láìgbé ẹrù, kọ́ìlì yóò gbóná, òórùn ọ̀dà tó ń jóná yóò sì jáde. Bẹ́árìn tó ti bàjẹ́ náà máa ń mú ẹ́ńjìnì wúwo, àmọ́ ìyàtọ̀ wà láàárín wọn. Bẹ́árìn yóò wúwo tàbí kó máa pariwo bí ẹ bá pa ẹ́ńjìnì tí ẹ sì fọwọ́ rọra yí ọ̀pá rẹ̀. Kọ́ìlì tó ti kan ara rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ wúwo lọ́wọ́. Ìgbà tí jẹnẹrétọ̀ bá ń sáré tí fóòtì sì jáde ni ìdènà rẹ̀ máa ń hàn.

Ẹni tó bá fẹ́ fi ojú rí òfin Lenz láìsí mítà, kó wá páìpù bàbà kan tó gùn tó mítà kan, tí ògiri rẹ̀ nípọn, kó sì wá òòfà nẹodímíọ̀mù roboto tó lè gba inú rẹ̀ kọjá láìfún. Bàbà kì í ṣe ohun tí òòfà ń fà; ẹ fi òòfà náà kan ara páìpù kí ẹ rí i pé kò lẹ̀ mọ́ ọn. Bí ẹ bá ju òkúta kékeré sínú páìpù náà, kò ní tó ìdajì ìṣẹ́jú àáyá kó tó jáde nísàlẹ̀. Òòfà náà lè gba ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan, bí ẹni ń gbé e sọ̀kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀. (Ẹ má jẹ́ kí ọmọdé fi irú òòfà yìí ṣeré, nítorí bí ó bá gbé méjì mì, wọ́n lè di ìfun rẹ̀ mú láàárín ara wọn.)

Ẹ jẹ́ ká ṣe é bí a ti ṣe ti kọ́ìlì. Ká ní orí àríwá òòfà ló kọjú sísàlẹ̀. Ẹ ka páìpù náà sí òrùka bàbà tí wọ́n tò léra. Nínú òrùka tó wà lábẹ́ òòfà, ìlà tó ń lọ sísàlẹ̀ ń pọ̀ sí i; iná rẹ̀ ń ṣàn lódì sí ọwọ́ aago, orí àríwá rẹ̀ wà lókè, ó sì ń ti òòfà náà sókè. Nínú òrùka tí òòfà ti kọjá, ìlà tó ń lọ sísàlẹ̀ ń dín kù. Iná rẹ̀ ń ṣàn bí ọwọ́ aago, orí àríwá rẹ̀ kọjú sísàlẹ̀, ó sì ń fa orí gúúsù òòfà náà láti òkè. Òòfà náà ń bọ́ láàárín òrùka tó ń tì í láti ìsàlẹ̀ àti èyí tó ń fà á láti òkè.

Ṣùgbọ́n kò ní dúró láéláé, èyí sì ni ààlà òfin yìí. Bí òòfà bá dúró, ìlà kò yí padà mọ́, iná yóò kú, ìdènà yóò sì kú pẹ̀lú rẹ̀, òòfà á sì tún máa bọ́. Ìdènà náà kò lè ju ohun tó bí i lọ. Òòfà yóò wá iyàrá tí ìdènà fi bá ìwúwo rẹ̀ dọ́gba, yóò sì máa bá iyàrá kan náà lọ títí tí yóò fi jáde. Bí ẹ bá fi ayùn la páìpù mìíràn láti òkè dé ìsàlẹ̀, òòfà kan náà yóò yára bọ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Fóòtì ṣì wà yí páìpù náà ká, àmọ́ òrùka ti já, iná kò rí ọ̀nà yí ká páìpù mọ́; ìwọ̀nba tó ń yí ká nínú ògiri bàbà nìkan ló kù láti dènà rẹ̀.

Ẹ̀yin olùkọ́ físíìsì tí ẹ ń kọ́ àwọn ọmọ tó fẹ́ ṣe ìdánwò WAEC, mo bẹ̀ yín: bí ọmọ bá ya ọfà ìṣàn iná sára kọ́ìlì, tí kò kọ “ó ń pọ̀” tàbí “ó ń dín” sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹ má fún un ní máàkì, bí ọfà náà tilẹ̀ tọ̀nà. Ẹ dá ìwé rẹ̀ padà fún un, kó lọ kọ ọ́ kún un.